Ohun tó ń sọ fún inú pé ásíìdì ti tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń lo omẹpurasóòlù tí oníkẹ́míìsì fún mi nítorí àyà tó ń ta mí. Ara mi yá, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n fi í sílẹ̀, kì í ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí títa náà á tún dé, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí aládùúgbò mi bá ń din àkàrà báyìí, kí n tó fẹnu kan nǹkankan ni inú mi á ti máa ta. Ṣé oògùn yìí ti ba inú mi jẹ́ ni? Kí ló ń sọ fún inú pé kó ṣe ásíìdì, kí ló sì ń sọ fún un pé ó tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Oògùn náà kò ba inú yín jẹ́. Ásíìdì fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí àpòlúkù mọ̀ pé èyí tó wà nílẹ̀ ti tó. Oògùn yín ti dín ásíìdì yẹn kù fún oṣù márùn-ún, ara sì ti fi gbogbo àkókò náà múra láti ṣe púpọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá dá oògùn dúró lójijì, ìmúra yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Kí èyí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé oúnjẹ ọ̀sán kan láti ìgbà tí òórùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ kan imú títí tó fi wọ ìfun, nítorí pé inú ìbéèrè yín ìkẹyìn ni ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ wà.

Apá òkè àti àárín àpòlúkù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì wà. Páǹpù tíntìntín tó wà lára wọn ló ń ti háídírójìn jáde, tó sì ń gba potásíọ̀mù wọlé dípò rẹ̀. Kílóráídì ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ bá háídírójìn náà níta, àwọn méjèèjì sì di ásíìdì tí a ń kọ ní HCl. Inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò kan rárá, ṣùgbọ́n omi tó ń ti ara rẹ̀ jáde kan ju inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní mílíọ̀nù kan. Agbára tí irú iṣẹ́ yìí ń gbà pọ̀ gan-an, ara kì í sì í fi í ṣòfò. Nígbà tí a kò bá tíì jẹun, ọ̀pọ̀ nínú páǹpù wọ̀nyí ló máa ń wà ní ìpamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọn kì í sí lójú ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́, àfi bí a bá ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ońṣẹ́ mẹ́ta ló lè pè wọ́n jáde. Èkíní ni asẹtilikolíìnì, tí iṣan fégọ́ọ̀sì ń tú sílẹ̀. Iṣan yìí ló ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, tó gba ọrùn àti àyà kọjá wá sínú ikùn. Èkejì ni gasitírìn, họ́mónù tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní apá ìsàlẹ̀ àpòlúkù, nítòsí ẹnu ọ̀nà tó wọ ìfun, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni hísítámínì, tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó múlé ti àwọn tó ń ṣe ásíìdì gan-an. Bí ońṣẹ́ méjì bá dé sára sẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ásíìdì tó máa jáde máa ń ju àròpọ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá dá mú jáde lọ. Gasitírìn ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ jẹ́: ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì hísítámínì ló máa ń gbà lọ, àwọn ni wọ́n sì ń bá a tú hísítámínì sára aládùúgbò wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn sẹ́ẹ̀lì hísítámínì yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ yín máa já sí.

Ó wá kan àkàrà aládùúgbò yín. Kí oúnjẹ tó dé ẹnu rárá, òórùn rẹ̀, ìrísí rẹ̀, ìró epo tó ń hó nínú agbada, àní ríronú nípa rẹ̀ lásán, ti tó láti mú kí ọpọlọ ránṣẹ́ gba ojú iṣan fégọ́ọ̀sì. Bí adùn rẹ̀ bá wá kan ahọ́n, tí a ń rún un, tí a sì ń gbé e mì, ìránṣẹ́ náà á túbọ̀ lágbára. Ìpele orí ni a ń pe èyí, nítorí pé orí ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ásíìdì tí oúnjẹ kan máa mú jáde ló sì ń ti ibẹ̀ wá.

Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà, fi èyí hàn lára ajá lọ́nà tí kò fi iyèméjì sílẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá náà kí oúnjẹ tó bá gbé mì lè máa gba ọ̀nà ọrùn bọ́ sóde, ó sì ṣí ojú kan sára àpòlúkù rẹ̀ tí omi ibẹ̀ lè gbà jáde. Ajá ń jẹ ẹran, ẹran ń bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó dé inú àpòlúkù. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà, omi kíkan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde. Nígbà tí a gé iṣan fégọ́ọ̀sì méjèèjì, ajá náà ń jẹun tọkàntọkàn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò sun mọ́.

Ohun tí iṣan yìí ń ṣe nígbà tó bá dé àpòlúkù ju ẹyọ kan lọ. Ó ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì ásíìdì fúnra rẹ̀, ó ń mú kí gasitírìn jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì tún ń dá ońṣẹ́ kẹrin dúró, èyí tí mi ò tíì dárúkọ. Somatositátìnì ni orúkọ tirẹ̀. Òun ni alátakò àwọn mẹ́ta yòókù: ó ń dín gasitírìn kù, ó ń dín hísítámínì kù, ó sì ń kọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì ásíìdì láti ṣiṣẹ́. Gbogbo àkókò tí àpòlúkù bá fi ṣófo ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, pé inú ń ta yín nígbà tí òórùn àkàrà bá kàn yín kì í ṣe àmì pé àìsàn mìíràn ti wọlé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára gbogbo ẹni tí ebi ń pa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá ti dá oògùn dúró, ìránṣẹ́ kékeré tí ọpọlọ fi ránṣẹ́ ń bá ògìdìgbó sẹ́ẹ̀lì tó ti ń dúró dè é pàdé, ásíìdì tó sì jáde ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níbí, torí pé mò ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà láti Ifẹ̀ títí dé Iléṣà: pé ebi ló ń dá ọgbẹ́ sí inú èèyàn, àti pé ẹni tí kò bá tètè jẹun láàárọ̀ ti ń fi ásíìdì jẹ ògiri inú ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ebi bá ń pa wá, ásíìdì tó ń jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí àpòlúkù lè ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bo ògiri rẹ̀ sì ń dáàbò bò ó. Ohun tó sábà máa ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀ ni kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Helicobacter pylori*, àti àwọn oògùn ara ríro bíi ibuporofíìnì, dikilofẹ́nákì àti asipirínì. Ẹni tó bá ti ní ọgbẹ́ nílẹ̀ lè máa gbọ́ ìrora rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á, àmọ́ ìyẹn kò sọ ebi di ẹni tó dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago méjì ọ̀sán lù, ẹ sì jókòó ti iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹran àti ẹja nínú. Ìpele kejì, ìpele àpòlúkù, ló bẹ̀rẹ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ásíìdì ti ń wá, ó tó nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun méjì ló ń fà á. Òkèlè iyán tó ń wọlé ń fẹ ògiri àpòlúkù, àwọn iṣan tó wà nínú ògiri yẹn á sì ránṣẹ́, àwọn kan á lọ títí dé ọpọlọ kí wọ́n tó padà gba ojú fégọ́ọ̀sì, àwọn kan kò ní í kúrò nínú ògiri náà rárá. Ìkejì ni ti ẹran, ẹja àti ẹ̀gúsí, tí wọ́n ní purotéènì nínú. Bí purotéènì bá ti ń wó sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ rẹ̀ á kan àwọn sẹ́ẹ̀lì gasitírìn ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù, gasitírìn á sì rọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iyán nìkan, láìsí ọbẹ̀, á fẹ àpòlúkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í pe gasitírìn jáde bí ẹran ṣe ń pè é. Nínú ohun tí a ń mu, bíà àti kọfí náà ń pe ásíìdì jáde. Mílíìkì pàápàá wà lára wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu láti fi pa títa inú: ó ń tu inú lára fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó ń gba ásíìdì tó wà nílẹ̀ sára, lẹ́yìn náà ni purotéènì àti kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á tún pe òmíràn wá.

Pé oúnjẹ ń gba ásíìdì sára yìí gan-an ni kókó ohun tí ẹ bi mí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó ni pH. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni nǹkan náà ṣe ń kan sí: omi lásán wà ní 7, omi inú àpòlúkù tó ṣófo sì máa ń wà láàárín 1 sí 2, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti nọ́ńbà kan sí èkejì sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan iyán, ẹ jẹ́ ká gbà pé inú yín wà ní nǹkan bí 1.5. Bí oúnjẹ bá ti wọlé tán, purotéènì inú rẹ̀ á fa ásíìdì náà mọ́ra, pH á sì gòkè lọ sí 4 tàbí 5. Inú àpòlúkù kò wá kan mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò yẹn gan-an ni àwọn páǹpù ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Iṣẹ́ wọn máa ń dé góńgó ní nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró.

Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ni somatositátìnì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é wà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì gasitírìn, orí wọn sì yọ síta sínú àpòlúkù níbi tí ásíìdì ti lè kàn wọ́n. Bí aláàsè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó lè mọ ìgbà tí iyọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń tọ́ omi inú àpòlúkù wò ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí pH bá wà ní 4 tàbí 5, wọ́n á dákẹ́, gasitírìn á máa jáde lọ fàlàlà. Bí ásíìdì bá ti wá ń pọ̀ ju ohun tí purotéènì lè gbà sára lọ, tí oúnjẹ náà sì ti ń ṣí lọ sínú ìfun díẹ̀díẹ̀, pH á máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 3, somatositátìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gasitírìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Tó bá fi máa dé nǹkan bí 1 sí 1.5, gasitírìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá. Lórí oúnjẹ aago méjì yìí, èyí lè bọ́ sí nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oúnjẹ náà bá pọ̀.

Ìpele kẹta, ti ìfun, kò fi bẹ́ẹ̀ mú ásíìdì jáde. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Dídá a dúró ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí omi kíkan bá wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, tí pH ibẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá 4.5, ìfun á tú họ́mónù kan tí ń jẹ́ sikirítìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Sikirítìnì yìí ni àwọn onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Bayliss àti Starling, rí ní London ní ọdún 1902. Ó ń mú kí àmọ́, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tú omi tó ń pa kíkan sínú ìfun, ó sì ń bá àpòlúkù sọ̀rọ̀ pé kó rọra. Epo inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yín náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bó bá ti dé ìfun, àwọn họ́mónù mìíràn á jáde tí wọ́n á mú kí àpòlúkù dín ásíìdì kù, kó má sì yára da oúnjẹ tó kù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ọlọ́ràá fi ń pẹ́ nínú ju àwọn yòókù lọ. Ó sì wúlò kí ẹ̀yin tí àyà ń ta mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí oúnjẹ bá ṣe pẹ́ tó nínú àpòlúkù ni àǹfààní tó ní láti gun òkè padà wá sínú ọ̀fun ṣe ń pọ̀ sí i, pàápàá bí a bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi omẹpurasóòlù sí àárín gbogbo èyí. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ nígbà tó wà nínú kápúsù. Ìfun ló ń gbà á, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ásíìdì, ibi tó bá sì ti kan ásíìdì gan-an ló ti ń yí padà di ohun tó lè lẹ̀ mọ́ páǹpù, tí páǹpù náà kò sì ní í lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé. Páǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè mú. Èyí tó wà ní ìpamọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí a lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, kí oògùn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí òórùn oúnjẹ àti òkèlè bá ń pe páǹpù jáde. Oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lọ. Ohun tó ń mú kí agbára rẹ̀ pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ ni pé sẹ́ẹ̀lì ní láti ṣe páǹpù tuntun kí ásíìdì tó lè padà bọ̀ sípò. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ kọ bá èyí mu rẹ́gí: nǹkan bí àkókò tí páǹpù tuntun fi ń pé ojú ìwọ̀n nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ? Fún oṣù márùn-ún, pH inú àpòlúkù yín kò sábà sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì somatositátìnì á fi rí ohun tí wọ́n lè tọ́ wò. Wọ́n dákẹ́. Nítorí pé wọ́n dákẹ́, gasitírìn ń jáde lọ́sàn-án àti lóru, ó sì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Gasitírìn kì í kàn ṣe ońṣẹ́ lásán, ó tún ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì hísítámínì dàgbà, kí wọ́n sì pọ̀ sí i. Wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń ránṣẹ́, páǹpù kò lè dáhùn nítorí pé oògùn ti dè é, ẹ kò sì mọ ohunkóhun. Ọjọ́ tí ẹ bá dá oògùn dúró ni páǹpù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì hísítámínì tó ti pọ̀ sí i sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè é. Ásíìdì á wá pọ̀ ju èyí tó ń jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí tí ásíìdì náà fi máa jí somatositátìnì padà, tí gasitírìn á sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì hísítámínì á sì padà sí iye wọn. Gasitírìn máa ń tètè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ni kì í yára, ó sì lè gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí dé nǹkan bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ẹni tó ní àrùn inú tẹ́lẹ̀ nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Dẹ́nmáàkì tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí 120 ènìyàn tí inú kò ta rí. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oògùn tó jẹ́ ọmọ ìyá omẹpurasóòlù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì fi oògùn tí kò ní agbára kankan rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn yòókù kò rí ju oògùn aláìlágbára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé ìdádúró náà, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn gidi ló ní àyà títa, inú kíkan tàbí ìnira lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tó jẹ́ ìdá 15 péré láàárín àwọn yòókù. Àwọn tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀ nìyẹn o. Nítorí náà ni inú mi kì í fi í dùn sí bí a ṣe ń ta oògùn yìí lórí káńtà fún oṣù lé oṣù láìsí ẹni tó bi oníbàárà pé kí ló ń ṣe é gan-an.

Bí ẹ ṣe lè fi mọ̀ bóyá ìpadàbọ̀ ásíìdì ni, tàbí àìsàn ìpìlẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, àkókò ló máa sọ ọ́. Títa tó jẹ́ ti ìpadàbọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, a máa gbọ́ oògùn funfun olómi tó ń pa ásíìdì, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, tí kò dín kù rárá, ní ìdí mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tàbí tí ẹ ń rù láìmọ ìdí, ẹ má dúró ka ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó tún gbìyànjú àtidá a dúró, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un, pàápàá èyí tí ẹ ń lò fún ẹ̀yìn àti ìbàdí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé àpò èlùbọ́. Bí ẹ bá ń lo ibuporofíìnì tàbí asipirínì lóòrèkóòrè, tàbí tí ọgbẹ́ inú yín ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ṣì nílò omẹpurasóòlù náà, kò sì yẹ kí ẹ dá a dúró fúnra yín. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń bá àwọn aláìsàn mi ṣe ni pé kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọjọ́ kan kọjá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, kí a tó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá sí oògùn, tí inú sì ń ta, ẹ lè mu oògùn funfun olómi lẹ́yìn oúnjẹ àti kí ẹ tó sùn. Àwọn kan ń fi famotidíìnì ràn án lọ́wọ́, èyí tó ń dí ojú ibi tí hísítámínì ń kàn lára sẹ́ẹ̀lì ásíìdì. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé hísítámínì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé dídín in kù díẹ̀díẹ̀ ń wo èèyàn sàn ju fífi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣeé fara dà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má ṣe fọ́ hóró wẹ́wẹ́ inú kápúsù náà torí pé ẹ fẹ́ pín in sí méjì. Ohun tó bo hóró yẹn ni kì í jẹ́ kí ásíìdì ba oògùn jẹ́ kó tó dé ìfun.

Ó ku kòkòrò *Helicobacter pylori*, tó wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó bá gbé ìsàlẹ̀ àpòlúkù, ó máa ń dín somatositátìnì kù níbẹ̀, gasitírìn á sì máa jáde kọjá bó ṣe yẹ, èyí tó ń dá ọgbẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ béèrè fún, èyí tí a fi èémí ṣe tàbí èyí tí a fi ìgbẹ́ ṣe, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè yà á sọ́tọ̀ bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀ báyìí tàbí ó ti lọ. Omẹpurasóòlù máa ń mú kí kòkòrò náà fara pa mọ́ fún àyẹ̀wò, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán tí ẹ ti lò ó kẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lo kápúsù ìkẹyìn sílẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó bá máa ṣe àyẹ̀wò náà.